Ohun Tó Wà ní Ìlà Kẹta

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun kò ṣeé ṣàlàyé fún àwọn ará ilé mi. Bàbá mi, tó ti ń gbé ní Arakale ní Àkúrẹ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú, máa ń sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé tíṣà ni mí ní yunifásítì, pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá. Àwọn àlejò á wá máa wò mí tàánútàánú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Kí ni wọ́n ń sọ nílé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín?" Mi ò tíì rí èsì tó dára ju ẹ̀rín lọ.

Ohun tí a ń ṣe gan-an rèé. A máa ń mú gbólóhùn kan tí ẹnìkan sọ ní ẹ̀ka-èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́, a ó sì kọ ọ́ sí ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní ni ohun tí onítọ̀hún sọ, bó ṣe sọ ọ́, tòun ti àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣeé gé, a ó gé e, a ó sì fi àmì gbọọrọ kékeré kan sáàárín ibi tí a ti gé e. Ìlà kejì ni ìtumọ̀ àwọn ẹyọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú yóò dúró gẹ́lẹ́ sábẹ́ èyí tó ń túmọ̀. Bí ẹyọ náà bá jẹ́ ojú, tàbí ilé, a ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn wẹ́wẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ gírámà ni, lẹ́tà ńlá la ó fi ṣe àmì wọn: N-E-G lábẹ́ "kò", nítorí ó ń wí pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ọ̀kan pẹ̀lú S-G lábẹ́ "mi", nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni, òun nìkan ṣoṣo. Bí àmì gbọọrọ bá jẹ́ méjì lókè, méjì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìlà kẹta ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àmì àyọlò: ohun tí gbólóhùn náà wí, bí ọmọ ènìyàn ṣe máa sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó ń ka ìlà kẹta. Lọ́dọ̀ wa, bí ojú ewé ìdúpẹ́ ló rí: gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìlà kejì ni a fi ń jà. Mo ti jókòó nínú ìpàdé kan rí níbi tí àwọn àgbà méjì, tí wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ, ti fẹ́ lu ara wọn nítorí pé ọ̀kan fi lẹ́tà kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí èkejì ní kò sí lẹ́tà tó yẹ ẹ́.

Ọ̀gá wa, pùròfẹ́sọ̀ tó ń ṣe àkóso ẹ̀ka wa, a máa fi rúlà yẹ ojú ewé wò láti rí i pé ẹyọ òkè àti ẹyọ ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà. Ó máa ń pe àwọn ẹyọ náà ní sójà. "Sójà yín kan ti kúrò lórí ìlà," ni yóò wí, yóò sì fi bírò pupa yí i ká. Òun náà ló kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ to àpẹẹrẹ bí ó ṣe ti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ jáde. Irú gbólóhùn la fi ń tò ó. Gbogbo èyí tó ní "kò" nínú á lọ sí orí kan nínú ìwé. Èyí tó ní "ló", orí mìíràn. Ìbéèrè, orí tirẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọ̀sán kan bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó gé ọ̀sán náà, ẹ ó sì pín in fún orí mẹ́fà. Ó ní ìyẹn ni sáyẹ́ǹsì. Mo gbà fún un, nítorí pé ọ̀nà náà ni èmi náà fi gba oyè tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Ọ̀gá, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Àkúrẹ́. Ó níyàwó, ó lọ́mọ, ó sì níwà pẹ̀lẹ́ débi pé ó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀ka-èdè Oǹdó ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó rí ìyá àgbàlagbà kan ní ìlú Oǹdó, aránṣọ, tó gbà láti máa bá a sọ̀rọ̀ kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ó lọ léraléra, ní àsìkò ọyẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ràn ohùn tó gbà sílẹ̀ náà gidigidi. Ó ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ní ariwo, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá náà ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti ìparí mọ́ kedere, bí ẹni pé inú sítúdíò ni. Ó ní kí àwa tó kù lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ dúró níwájú olùdánwò tó ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn, Ọ̀gá gbé gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ fún mi pé kí n yẹ sójà wò. Iṣẹ́ ìnira ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé e fún obìnrin. Gbogbo àpẹẹrẹ náà wà lórí kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́ta mẹ́ta, àmì kan sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń sọ inú ohùn wo ni wọ́n ti mú un àti ìṣẹ́jú wo ló wà. Mo fẹ́ tẹ́tí sí díẹ̀ nínú wọn, nítorí ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, èmi tí mò ń pe ilé ní ulé nílé bàbá mi, etí mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Oǹdó. Mi ò fẹ́ máa fò láti ohùn kan sí òmíràn. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà tún wọn tò, kó fi orí ìwé sílẹ̀, kó tẹ̀lé bí wọ́n ṣe gba ohùn náà. Ìwà ọ̀lẹ ló mú mi ṣe é.

Mo wá ń ka ìlà kẹta, nítorí pé òun nìkan ni mo lè tètè kà. Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà síbí bó ṣe wà ní Oǹdó tirẹ̀. A ti lò ó tó. Ohun tó wí ni mo máa kọ.

'Ojú ọ̀tún mi kò ríran mọ́.' Èyí wà ní orí ìwé tó dá lórí "kò". 'Nígbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀.' Èyí wà lábẹ́ "ló". 'Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi.' Ó padà sábẹ́ "kò", ojú ewé méjìdínlógún sí ti àkọ́kọ́. 'Ti òsì náà ti ń ṣú.' Èyí wà lábẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. 'Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni ní ọsibítù?' Orí ìbéèrè. 'Bá mi bi wọ́n.' Èyí wà ní orí tó kẹ́yìn, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ti tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì yin àpẹẹrẹ náà ní gbólóhùn kan pé ó rẹwà.

Mo tún un kà láti òkè. Mo rò pé bóyá èmi ni mo tò ó báyìí, pé bí mo bá tún un tò lọ́nà mìíràn, yóò di ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ọ̀rọ̀ òrùlé bíi ti àwọn àpẹẹrẹ tó kù. Mo wá ṣí ohùn náà.

Mo gbọ́ ohùn ìyá náà. Mo gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, mo sì dá ọ̀rọ̀ ojú àti ọ̀rọ̀ ọ̀tún mọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀: "Ó dáa gan-an, Mama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ìyá náà tún un sọ. "Ẹ tún un sọ díẹ̀díẹ̀, Mama, nítorí ohùn." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Ẹ ṣé, Mama. Ó ti wọlé," ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ti gbà á.

Kò sí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ohùn náà mọ́ kedere. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tó fi mọ́: ìyá náà kò ránṣọ mọ́.

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé sójà púpọ̀ ló kúrò lórí ìlà?"

Mo ní kó jókòó, kó ka ìlà kẹta láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó dé ìkejì, nítorí pé ó mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó dé ìkẹrin, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mà," ló wí, "mo rò pé àpẹẹrẹ ni wọ́n ń fún mi."

"Àpẹẹrẹ kí ni?"

"Mo ní kí wọ́n fún mi ní gbólóhùn tó ní 'kò' nínú. Wọ́n ní ewúrẹ́ kò jẹun. Wọ́n ní òjò kò rọ̀. Wọ́n wá ní ojú àwọn kò ríran mọ́." Ó tọ́ka sí ìlà náà. "Mo ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ pé orí ń fọ́ mi, inú ń run mi. Ó wà nínú ìbéèrè tí Ọ̀gá fún wa. Mo rò pé èyí náà wà lára rẹ̀."

"Ìwọ lo kọ ìlà kẹta?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ wọ́n. Ti 'kò' lóṣù kan, ti 'ló' lóṣù kejì." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ti 'ń', èmi ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà ìpàdé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́."

Mo rántí ìpàdé yẹn. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

A jọ lọ bá Ọ̀gá. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ tó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, rúlà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìlà kejì, bí ó ti máa ń ṣe.

"Ó tò dáadáa," ni Ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ta ló da orí ìwé rú báyìí?"

"Ẹ ka ìsàlẹ̀, sà."

Ó kà á. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un gbé sójú, ó tún un kà. Ó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé, "Ìgbà wo lo gba èyí sílẹ̀?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, sà."

Àsìkò òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí. Ọ̀gá wo rúlà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Èyí tó kàn tí ó sọ, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé: "Àpẹẹrẹ kejì yìí, mo ti gbé e dé òkè òkun. Mo fi hàn wọ́n lórí ògiri, ó tóbi tó báyìí." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Yàrá kún. Wọ́n béèrè nípa 'ló' títí àkókò fi tán. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni ohun tó bẹ̀rẹ̀ náà."

Mo retí kó sọ pé ká dúró di ẹ̀yìn ìdánwò. Mo ti kó èsì tó gbóná sẹ́nu dè é. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Kí lẹ dúró ń ṣe níwájú mi?"

Ọkọ̀ mi la gbé lọ sí Oǹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀. A dé ìlú Òwẹnà lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó ra ìdì kan, ó ní ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti jẹ, òun mọ orúkọ gbogbo ọmọ wọn, òun mọ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo fáwẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dín eré kù. Díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó bi mí ìdí tí mo fi ń wa ọkọ̀ bí ìgbín.

Ilé ìyá náà jẹ́ ilé alájà kan tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ nígbà tí kòkó ṣì ń kọ́lé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ó yí orí rẹ̀ pátápátá kó tó lè fi ojú òsì wá wa, bí adìyẹ ṣe ń wo nǹkan.

Ó ní, "Tíṣà, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Mama. Ẹ káàsán, mà."

"Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà wò mí. "Àwọn wo, Mama?"

"Àwọn ará ọsibítù. Mo ní kí o bá mi bi wọ́n. O ní ó ti wọlé."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó burú láyé mi. Wọ́n ti já mi sílẹ̀ nínú ìdánwò, ọkọ mi sì ti bi mí rí bóyá mo rò pé ìwé lèèyàn ń fẹ́ nílé. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ìyẹn. Ìyá yìí ti ń dúró. Ó gbà pé ẹni tó ní kí òun tún ọ̀rọ̀ òun sọ lẹ́ẹ̀mẹta ti gbọ́ ọ, pé bóyá ìlànà àwọn ará ọsibítù ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn èèyàn sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, kò rántí pé ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ a máa dọ̀bálẹ̀ ni. "Mama," ló wí, "mi ò bi wọ́n."

Ìyá náà yí ojú òsì sí i. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Kí lo wá fi í ṣe?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ orí ba. Èmi tí mo ní èsì sí ohun gbogbo, mi ò dáhùn. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ ọ́? A tò ó sábẹ́ ara wọn, Mama. Ó tò dáadáa.

"Ó dáa," ni ìyá náà wí nígbà tó rí i pé a kò ní sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi mú ìborùn mi. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni èyí tó ń mí bí ẹni sáré?"

Mo ní èmi ni, mo ní olùkọ́ ni mí.

"Ìwọ náà ń gba ohùn sílẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde.

Ọsibítù kún débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Níbẹ̀ ni fóònù mi dún. Ọ̀gá ni. Ó ní òun ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka ojú, pé kí a sọ níbi tábìlì pé Pùròfẹ́sọ̀ ló rán wa. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi oyè ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, sára ọkọ̀, sára ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ síbi tábìlì, mo sọ pé Pùròfẹ́sọ̀ ló rán wa. Wọ́n mú wa wọlé. Ní ti ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n sún un síwájú, ó sì yege nígbà tó yá. Olùdánwò, tí kò mọ̀ pé a ti yọ àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn, ní àpẹẹrẹ dín díẹ̀ ní orí ìbéèrè. Ìyẹn nìkan ló rí wí.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin kékeré kan tí àárẹ̀ ti mú gan-an. Ó yẹ ojú méjèèjì wò, ó fi ẹ̀rọ tanná sí wọn, ó wọn agbára omi tó wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ó bá èmi sọ̀rọ̀, nítorí ó rí i pé mo dà bí ẹni tó kàwé. Ó da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá Ìbàdàn rẹ̀, ó sì ń yára sọ ọ́. Ó ní agbára omi inú ojú ti le jù, ó sì ti tẹ iṣan ojú ọ̀tún pa. Ìyẹn kò ní padà. Ti òsì ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ díẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ó máa kán sí i ní alaalẹ́. Bí wọ́n bá ń kán an láìfi alẹ́ kankan sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá fún àyẹ̀wò, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù dúró.

"Bí wọ́n bá ti tètè wá ńkọ́?" ni mo bi í. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n béèrè.

"Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú méjèèjì ì bá ṣì máa ríran," ni dókítà wí, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Ìyá náà ti ń tẹ́tí láti ìgbà yẹn. Ó gbọ́ Yorùbá dókítà náà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yára sọ ọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti gbé apá kan lọ. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lórí àga, ó rí i, ó dì í mú.

"Tíṣà," ló wí. "Kí ló ní?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi Oǹdó sọ ọ́. Oǹdó rẹ̀ kò dára. Gbogbo fáwẹ̀lì tó ti fi odindi orí kan ṣàlàyé, kò rí wọn pè níbẹ̀, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń yọ níbi gbogbo. Ó sọ ti ọ̀tún. Ó sọ ti òsì, ó sọ ti oògùn alaalẹ́.

Ìyá náà fi ojú tó kù wò ó. "Tún un sọ," ló wí.

Ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀."

Dókítà gbé orí sókè nínú ìwé rẹ̀. Aláìsàn mìíràn ti ń kan ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ó sì dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀tún kò ní padà, òsì ṣì wà, alaalẹ́, láìfo ọjọ́ kan. Ìyá náà ń mi orí bó ṣe ń gbọ́ ọ, ètè rẹ̀ sì ń tún ọ̀rọ̀ náà pè láìjẹ́ kó dún.

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ rẹ̀ kejì tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"O ṣé," ló wí. "Ó ti wọlé."